Títo Bọ́ọ̀dù Olójú Méjì fún Pọ́ǹpù Oko Ẹ̀fọ́: GND Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Yanjú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kí pọ́ǹpù máa bomi rin oko ẹ̀fọ́ fúnra ẹ̀, nǹkan tó wà lórí bọ́ọ̀dù yìí ò pọ̀: ATmega328P kan, sẹ́ńsọ̀ tó ń wo bí ilẹ̀ ṣe tutù sí, àti mọ́sfẹ́ẹ̀tì tó ń tan pọ́ǹpù fóòtì 12 tó ń fa àmpù 2. Ohun tó sì máa ń dà á rú, ọ̀pọ̀ ìgbà kì í ṣe kóòdù o, ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì ni.

Iná tó bá jáde ní bátìrì á padà síbẹ̀ dandan, GND sì lọ̀nà àbọ̀ ẹ̀. Ká ní ẹ fa ìlà GND kan péré, ó fẹ̀ ní mílímítà 0.3, ó gùn ní 60, pọ́ǹpù àti sẹ́ńsọ̀ wá jọ ń lò ó. Kọ́pà bọ́ọ̀dù tó wọ́pọ̀ nípọn ní maikirómítà 35, ìlà yẹn á ní bí óòmù 0.1, tí àmpù 2 bá wá gbabẹ̀ kọjá, fóòtì 0.2 ti há sórí ẹ̀ nìyẹn. ATmega sì ń pín fóòtì 5 sí ìpele 1024, ìpele kan ò pé fóòtì 0.005, nọ́ńbà sẹ́ńsọ̀ á kàn fò ní bíi 40 gbàrà tí pọ́ǹpù bá tàn. Omi ò tíì kan ilẹ̀ rárá, pọ́ǹpù á ti máa tàn á máa kú.

Torí náà, ẹ fi ojú ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún GND látòkè délẹ̀, kẹ́ ẹ fa àwọn ìlà yòókù sójú òkè. Tí ìlà kan bá ní láti gba ìsàlẹ̀ kọjá, ẹ jẹ́ kó kúrú, torí ibi tó bá ti gé GND gígùn, ńṣe ni iná á máa lọ yí i ká. Àwọn kan máa ń gé GND sí méjì, èmi ò gbà wọ́n níyànjú ẹ̀, ibi tẹ́ ẹ bá to nǹkan sí ló ń ṣiṣẹ́ yẹn: bátìrì, mọ́sfẹ́ẹ̀tì àti pọ́ǹpù létí kan, sẹ́ńsọ̀ létí kejì. Ìlà pọ́ǹpù, mílímítà 2. Ti sẹ́ńsọ̀, 0.25 ti tó.

Kápásítọ̀ 100 nF ń kọ́, ẹ gbé e mọ́ ẹsẹ̀ 7 àti 8 ATmega DIP ẹlẹ́sẹ̀ 28 tímọ́tímọ́, òmíràn sí 20 àti 22. Tó bá jìnnà, kò ní ríṣẹ́ ṣe.

Nínú KiCad, ẹ ya zone sórí `B.Cu`, ẹ so ó mọ́ `GND`, ẹ tẹ `B`. Lẹ́yìn DRC, ẹ pa `F.Cu` mọ́ kẹ́ ẹ wo ìsàlẹ̀ nìkan, torí DRC ò ní sọ fún yín pé GND ti gé gígùn.

Tí bọ́ọ̀dù bá dé, ẹ ka sẹ́ńsọ̀ nígbà tí pọ́ǹpù kú àti ní kété tó tàn. Tí ìyàtọ̀ bá ju bíi 3 lọ, ẹ jó wáyà tó nípọn láti ẹsẹ̀ sọ́ọ̀sì mọ́sfẹ́ẹ̀tì lọ tààrà sí ojú nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, kẹ́ ẹ tún un kà.