Àṣìṣe tí àwa onídìrí ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ ọjọ́ fírídọ̀mù

Ní Abẹ́òkúta níbí, bí ọmọ iṣẹ́ bá ti wọ àdìrẹ tí wọ́n rà ní Ìtòkú, tí àwọn òbí ti jókòó sábẹ́ kánópì, tí àwọn ìyá ẹgbẹ́ náà ti dé, wọn yóò fa gbohùngbohùn lé ọ̀gá lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú 5 lọ ni, àmọ́ mo ti rí ibi tó ti ba ohun tí ọmọ fi ọdún 3 kọ́ jẹ́. Àwọn tó jókòó yẹn kì í ṣe àlejò lásán. Àwọn ará àdúgbò, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ìyá rẹ̀, àwọn tó ń bá a jọ́sìn, àwọn ni yóò kọ́kọ́ gbé orí fún un. Ohun tí wọ́n bá gbọ́ lẹ́nu ọ̀gá ni wọ́n máa gbé lọ sílé, wọn kì í ka ìwé ẹ̀rí tó wà lára ògiri.

Èyí tó burú jù ni kí ọ̀gá máa ka ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ síta. Èmi náà ti ṣe é. Ọmọ 2 ni mo fún ní fírídọ̀mù lọ́jọ́ kan náà, ọ̀rọ̀ sì ń dùn lẹ́nu mi. Mo ní, “Ẹ̀yin ará, ọmọ yìí yọ mí lẹ́nu o! Ó ti fi rìlásà bó oníbàárà lórí rí, èmi ni mo ra oògùn fún un.” Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà wà lórí ìkúnlẹ̀, kò gbójú sókè mọ́ títí tí wọ́n fi ṣàdúrà tán. Nígbà tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ní ìhà Àdàtán, wọ́n ń wá dìrí lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti kan rìlásà, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Àǹtí rẹ̀ ló wá bá mi lẹ́yìn ọdún kan. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́ mà, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lọ́jọ́ yẹn ṣì ń ja ọmọ wa.” Mo lọ bá ọmọ náà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́.

Ohun tó wá dùn mí jù ni pé ẹ̀bi orí tó bó yẹn kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni oníbàárà yẹn tú irun tó dì, ó sì ti fi ìrù ìyàrí họ orí rẹ̀ dáadáa kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Sóódà tí àwọn aládìrẹ ń fi sínú aró, irú rẹ̀ ló wà nínú ọ̀pọ̀ rìlásà tó lágbára. Ibi tí èékánná tàbí ìyàrí bá ti họ awọ orí ló máa kọ́kọ́ ta. Ọmọ náà tún bẹ̀rẹ̀ láti iwájú orí, níbi tí irun ti fẹ́lẹ́, ó wá parí sí ìpàkọ́. Iwájú ló wá pẹ́ jù lábẹ́ rìlásà, òun náà ló sì bó. Ìpàkọ́ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, kó fi ẹ̀bá iwájú àti ẹ̀gbẹ́ etí ṣe ìkẹyìn. Èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá kò kọ́ ọ láti béèrè pé, “Ìgbà wo lẹ tú irun yín?” Mo wá dúró níwájú èrò, mo ń fi àìkọ́ni tèmi ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Bí ọmọ bá ní àléébù, inú ṣọ́ọ̀bù la ti ń sọ ọ́, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú. Gbèsè owó fírídọ̀mù náà, ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ la ti ń parí rẹ̀ kí ìwé ìpè tó jáde. Bí ọmọ kò bá sì mọ rìlásà ṣe rárá, ẹ má purọ́ pé ó mọ̀ ọ́n. Ẹ dá a dúró fún oṣù díẹ̀ sí i, kó kọ́ ọ.

Àṣìṣe kejì bá ti àkọ́kọ́ tan. Ọ̀gá á ní, “Ẹ múra, ẹ ní sùúrù, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run,” á sì jókòó. Pásítọ̀ àti àlùfáà wà níbẹ̀ tí yóò sọ ìyẹn. Ìwọ ọ̀gá nìkan lo lè sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀ràn Àdàtán yẹn, mo yan ohun kan ṣoṣo tí mo ń sọ fún gbogbo ọmọ mi níwájú àwọn òbí wọn:

“Ọmọ mi, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o bá òun ṣe rìlásà, kọ́kọ́ bi í pé ìgbà wo ló tú irun rẹ̀. Bí kò bá tíì tó ọ̀sẹ̀ kan, tàbí tó ti họ orí, ní kó padà wá, bó tilẹ̀ mú owó dání. Fi ìpara yí ẹ̀bá irun ká kí o tó ṣí ike. Irun tuntun tó hù ni kó kàn, má fi kan èyí tó ti nà tẹ́lẹ̀, yóò já. Bó bá ní ó ń ta òun, fọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, má sọ pé kó rọ́jú. Tí o bá wá fi ṣámpù tó ń pa agbára rìlásà fọ̀ ọ́, tí ìfóófò rẹ̀ bá ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí òdòdó, rìlásà ṣì wà nínú irun náà. Tún un fọ̀ títí yóò fi funfun.”

Ẹ ó rí i pé àwọn ìyá tó jókòó náà ń mi orí. Nígbà tí ọmọ bá wá dá oníbàárà padà lọ́la, wọn kò ní sọ pé ó ń gbéra ga. Wọ́n ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀. (Kì í ṣe gbogbo ṣámpù bẹ́ẹ̀ ló máa ń pọ́n, ẹ fi èyí tí ẹ ń lò hàn án kó tó kúrò lọ́dọ̀ yín.)

Àwọn kan ń fi gbohùngbohùn ṣe àdéhùn tuntun: “O kò gbọdọ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Pánsẹ́kẹ́, oníbàárà mi kò gbọdọ̀ tẹ̀lé ọ,” wọ́n á wá so èpè mọ́ ọn. Bí ẹ bá fẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, inú ìwé àdéhùn ọjọ́ tí wọ́n mú ọmọ wá ló yẹ kó ti wà, níbi tí bàbá rẹ̀ ti lè sọ pé òun kò gbà. Bákan náà, tí ọmọ bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ má fi ọ̀kan wé èkejì.

Èyí tó kù ni ìyọ̀ǹda gan-an. Mo ti lọ síbi tí ọ̀gá ti gbé ìwé ẹ̀rí fún ọmọ, tí wọ́n ya fọ́tò, tí wọ́n jẹ ọ̀fàdà tán, tí kò sì sẹ́ni tó gbọ́ kó sọ pé òun ti tú u sílẹ̀. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá náà ránṣẹ́ pe ọmọ náà pé kó wá ran òun lọ́wọ́ níbi ìgbéyàwó kan, ìjà ńlá ló dà. Kí ìyàrí àti àlùmọ́gàjí kọ́kọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀gá, kí ọmọ kúnlẹ̀, kí òbí dúró tì í. Kí ẹ wá sọ ọ́ ketekete: “Ọwọ́ yín ni mo ti gbà á, ọwọ́ yín ni mo dá a padà sí. Ó mọ irun dì, ó mọ wíígì rán, ó mọ rìlásà ṣe. Kò jẹ mí ní nǹkan kan mọ́. Láti òní lọ, òun náà ti di ọ̀gá.” Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó gbé àwọn irinṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́, kí ìwé ẹ̀rí àti àdúrà tẹ̀ lé e.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú, mo máa ń pe ọmọ náà sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń sọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ fún un. Bó bá ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ ìyẹn,” mo máa ń yọ ọ́ kúrò.