Iná Ojú Pópó, Ọwọ́ Ọlọ́pàá àti Pátákó Ẹnu Ọ̀nà Ilé-Ìwé: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Wọ Òṣogbo

Àgbẹ̀ tó ń gbé ẹrù wọ Òṣogbo lórí ọ̀kadà tàbí nínú kòròpé, àti òbí tó ń gbé ọmọ lọ sílé-ìwé láàárọ̀, la kọ ìwé yìí fún. Ọ̀nà oko kì í sábà ní iná tó ń darí ọkọ̀. Ẹni tó bá sì ń bọ̀ láti ìhà Ẹdẹ, tó gba Àbẹ̀rẹ̀ àti Ògo-Olúwa kọjá títí ó fi kan Ọlá-Ìyà, á rí i pé bí ọ̀nà ṣe ń sún mọ́ àárín ìlú ni ọkọ̀ ń pọ̀ sí i, tí wọ́n sì ń yọ láti ìhà gbogbo.

Ohun mẹ́ta ló lè dá a dúró tàbí kó ní kó máa lọ: iná, ọlọ́pàá, àti ẹni tó ń kó ọmọ ilé-ìwé kọjá títì. Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé àṣẹ ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀ borí ti iná. Bí iná bá pupa tí ọlọ́pàá sì ń fi ọwọ́ pè yín, ẹ máa bọ̀. Bí iná bá ti di àwọ̀ ewé tí ó sì na ọwọ́ sí yín, ẹ dúró. Iná kò rí ọkọ̀ tó kú sí àárín oríta, kò sì gbọ́ fèrè ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn. Aago inú rẹ̀ nìkan ló ń tẹ̀ lé. Ọlọ́pàá ló rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Yẹ́lò ló ń dá wàhálà sílẹ̀

Gbogbo ènìyàn ló mọ pupa àti àwọ̀ ewé. Pupa wà lókè, yẹ́lò wà láàárín, àwọ̀ ewé wà nísàlẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ojú rẹ̀ kì í fi ìyàtọ̀ sí àwọ̀ dáadáa lè wo ipò tí iná náà wà. Ní pupa, ẹ dúró lẹ́yìn ìlà funfun, kì í ṣe lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, kódà bó bá jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún lẹ fẹ́ yà sí. Bí ọfà àwọ̀ ewé bá tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná pupa, àwọn tó ń lọ sí ibi tí ọfà náà kọjú sí nìkan ló lè lọ. Ní àwọ̀ ewé, ẹ lè lọ bí iwájú bá ṣófo. Bí ọkọ̀ bá ti dí òdìkejì oríta, ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ wà, torí bí iná bá yí padà tẹ́ ẹ wà láàárín, ẹ ti dí ọ̀nà mọ́ àwọn ará ìhà kejì.

Yẹ́lò ló ní ojú méjì. Nígbà tí òun àti pupa bá jọ tàn, ó túmọ̀ sí pé kẹ́ ẹ múra sílẹ̀, àmọ́ ẹ ò tíì gbọdọ̀ kúrò. Nígbà tí ó bá dá tàn lẹ́yìn àwọ̀ ewé, ó túmọ̀ sí pé kẹ́ ẹ dúró, àyàfi tẹ́ ẹ bá ti sún mọ́ ìlà funfun débi pé dídúró lójijì lè mú kí ẹni tó wà lẹ́yìn kọ lù yín. Àwọn iná kan kì í tan pupa àti yẹ́lò pọ̀. Láti pupa ni wọ́n ń bọ́ sí àwọ̀ ewé tààrà. Bí yẹ́lò nìkan bá ń ṣẹ́jú, tó ń tàn tó ń kú, ẹ rọra wọ oríta náà, kẹ́ ẹ máa wo ìhà gbogbo. Bí iná bá kú pátápátá, ẹ ṣe bí ẹni pé kò sí iná níbẹ̀ rí: kò sẹ́ni tó ni ọ̀nà.

Báwo ni “sún mọ́” ṣe sún mọ́ tó? Ẹ jẹ́ ká wo ọlọ́kadà kan tó ń sáré kìlómítà 40 ní wákàtí kan. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mítà 11 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Kó tó rí yẹ́lò, kó tó ro ohun tó fẹ́ ṣe, kí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ tó dé bíréèkì, ìṣẹ́jú àáyá kan ti lọ, ó sì ti rin mítà 11. Lórí títì gbígbẹ, tí táyà àti bíréèkì rẹ̀ bá dára, yóò tún fi nǹkan bíi mítà 11 mìíràn dúró. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 22, ìyẹn bí ọgbọ̀n ìgbésẹ̀ ẹni tó ń rìn. Bí ìlà funfun bá ṣì jìnnà ju ọgbọ̀n ìgbésẹ̀ lọ nígbà tí yẹ́lò tàn, àyè dídúró wà, kó dúró. Bí ó bá ku ìgbésẹ̀ mẹ́wàá péré, kó máa lọ, kó má ṣe tẹ bíréèkì lójijì.

Ẹ wá gbé àpò gàrí méjì sí ẹ̀yìn ọ̀kadà yẹn, kí òjò sì ti rọ̀. Lórí títì tútù, ìrìn bíréèkì lè di ìlọ́po méjì: mítà 11 àkọ́kọ́ kò yí padà, àmọ́ bíréèkì yóò gba bíi mítà 22. Ó ti di mítà 33, ìyẹn ìgbésẹ̀ mẹ́rìnlélógójì. Ẹrù tó tẹ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ tún ń mú kí iwájú fúyẹ́, táyà iwájú ò sì ní di ilẹ̀ mú bó ṣe yẹ. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tó ń gbé ẹrù ni pé, bẹ́ ẹ bá ń wo iná àwọ̀ ewé láti ọ̀nà jíjìn, tẹ́ ẹ ò mọ ìgbà tó tàn, ẹ mú un pé yẹ́lò ló kàn, kẹ́ ẹ dín eré kù kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Àwọn iná kan ń ka iye ìṣẹ́jú àáyá tó kù. Kì í ṣe fún ẹni tó fẹ́ bá a sáré.

Bí ìjàm̀bá ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ ní oríta nìyí: ẹni kan rí yẹ́lò, ó fi kún eré kó má bàa dúró, lójú ọ̀nà kejì, ẹlòmíràn rí pupa àti yẹ́lò, ó ti kúrò kí àwọ̀ ewé tó tàn. Àwọn méjèèjì pàdé láàárín. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ wo òsì àti ọ̀tún kẹ́ ẹ tó kúrò, kódà bí iná bá ti di tiyín.

Ọwọ́ tí ọlọ́pàá nà sí ẹ̀gbẹ́ kì í ṣe ti ẹni tó wà ní ẹ̀gbẹ́

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lórí ọwọ́ ọlọ́pàá, tàbí ti yẹ́lò fífà bí a ṣe ń pè wọ́n, ni pé awakọ̀ ń rò pé ẹni tí ó bá kọ ẹ̀yìn sí òun kò bá òun sọ̀rọ̀. Ó ń bá a sọ̀rọ̀.

Bí ó bá gbé apá sókè, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọjú sí iwájú, àwọn tó ń bọ̀ níwájú rẹ̀ ni ó ń dá dúró. Bí ó bá na apá gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́, tó ga dé ejìká, àwọn tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó ń dá dúró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ rí apá yẹn bí igi tí wọ́n fi dí ọ̀nà, tiyín sì ni. Bí ó bá gbé apá kan sókè, tó na èkejì sí ẹ̀gbẹ́, iwájú àti ẹ̀yìn ló ń dá dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà tó bá ṣe èyí ni ó sábà máa ń yí ojú sí àwọn tó wà lápá ọ̀tún tàbí òsì rẹ̀, kó wá fi ọwọ́ pè wọ́n kí wọ́n máa kọjá.

Ìpè máa ń rọrùn láti mọ̀: àtẹ́lẹwọ́ yóò kọjú sí òun fúnra rẹ̀, ọwọ́ yóò sì máa lọ máa bọ̀. Ẹ rí i dájú pé ojú rẹ̀ wà lára yín. Ó lè jẹ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ló ń pè.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Lẹ́yìn tí ó bá ti dá yín dúró, ó lè sọ apá náà kalẹ̀ kó máa fi ṣiṣẹ́ mìíràn. Àṣẹ dídúró ò tíì parí. Ẹ ò gbọdọ̀ kúrò títí ó fi pè yín. Fèrè rẹ̀ wà láti mú kẹ́ ẹ wo òun. Ọwọ́ ló ń sọ ohun tó fẹ́. Àwọn kan lára wọn máa ń jó bí wọ́n ṣe ń darí ọkọ̀, ó sì dùn ún wò, mo gbà. Àmọ́ ẹ má tẹ̀ lé ejìká àti ìbàdí. Ibi tí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sí ni kẹ́ ẹ máa wò.

Ẹni tí kò wọ aṣọ iṣẹ́, tó kàn bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ láti tú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ká, kò ní àṣẹ ọlọ́pàá. Bí ó bá pè yín, ẹ lè rọra bọ̀, àmọ́ ojú tiyín ni kẹ́ ẹ fi wo ọ̀nà.

Ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé

Ní àárọ̀ àti nígbà tí wọ́n bá ń jáde lọ́sàn-án, ẹ lè rí ẹni kan tó dúró lẹ́bàá títì pẹ̀lú pátákó róbótó lórí ọ̀pá, tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìdádúró sí lára. Níbi tí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, olùkọ́ tàbí gáàdì ló sábà máa ń jáde. Ọ̀nà tí a ń gbà di pátákó náà mú ló ń sọ ohun tó kàn.

Bí ọ̀pá bá fìdí mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ṣì ń dúró de àwọn ọmọ. Ẹ máa lọ, àmọ́ ẹ dín eré kù. Bí ó bá na ọ̀pá náà sí ẹ̀gbẹ́ bí ìdènà, àwọn ọmọ ló ń dá dúró kí wọ́n má bọ́ sójú títì, kì í ṣe ẹ̀yin. Bí ó bá gbé pátákó sókè níwájú yín nígbà tó ṣì wà lẹ́bàá títì, ó ti fẹ́ bọ́ sójú títì: ẹ tẹ bíréèkì nísinsìnyí. Nígbà tó bá bọ́ sójú títì, tó gbé pátákó dúró ṣánṣán, tó na apá kejì, gbogbo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró, láti ìhà méjèèjì.

Ẹ dúró títí òun àti àwọn ọmọ yóò fi kúrò lójú títì pátápátá. Ọmọ lè jẹ́ kí bàtà bọ́, kó sì padà wá mú un. Ọ̀kadà ló ń dá ẹ̀rù ńlá sílẹ̀ níbí: kòròpé ti dúró, ọlọ́kadà sì fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá torí pé kò rí ohun tó dá a dúró. Ọmọ tó ń jáde níwájú kòròpé náà kò lè rí ọ̀kadà, ọlọ́kadà kò sì lè rí ọmọ. Níbi tí ọkọ̀ bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé, kí ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dúró pẹ̀lú.

Bákan náà, ẹ̀yin awakọ̀, ẹ má ṣe fi ọwọ́ pe ọmọ pé kó máa kọjá nígbà tẹ́ ẹ bá dúró. Ẹ ò mọ̀ bóyá ẹni tó ń bọ̀ láti ìhà kejì ti dúró. Ẹ̀yin òbí, ẹ fi han ọmọ nílé pé ẹni tó di pátákó mú ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ń kọjá, kì í ṣe ọkọ̀ tó dúró. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé apá ọ̀tún la ń wakọ̀ ní Nàìjíríà láti 1972, ọkọ̀ tó sún mọ́ ọmọ tó fẹ́ bọ́ sójú títì jù lọ ń bọ̀ láti ọwọ́ òsì rẹ̀. Kó kọ́kọ́ wo òsì, kó wo ọ̀tún, kó tún wo òsì.