Fóònù ní mo jó 325 kálórì lórí àga: bí mo ṣe tún un ṣe

Bọ́ọ̀lù ni mo jókòó wò fún wákàtí kan, ni ìṣirò tí mo kọ sórí fóònù bá ní mo ti jó 325 kálórì! Aago ọwọ́ mi ló ń ka ìlù ọkàn mi fún un, 90 ní ìṣẹ́jú kan. Ọmọ ọdún 35 ni mí, kílò 70. Mo pààrọ̀ aago, mo tún ara mi wọ̀n, pàbó ló já sí. Ìṣirò náà rèé, kálórì ìṣẹ́jú kan ló ń fúnni, HR sì ni ìlù ọkàn:

```
(-55.0969 + 0.6309*HR + 0.1988*kg + 0.2017*age) / 4.184
```

Ara àwọn tó ń ṣeré ìdárayá níwọ̀ntúnwọ̀nsì, láìdúró, ni wọ́n ti fa ìṣirò yìí yọ. Lórí àga, ooru àti góòlù lásán lè mú ọkàn sáré, iṣan ò sì ṣiṣẹ́ kankan.

Mo wá ní kó máa lò ó kìkì ìgbà tí mo bá ń sáré, tí ọkàn sì dúró láàárín 100 sí 150. Ìṣẹ́jú yòókù, kálórì 1.2 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀lù náà di 72. Ìṣirò tọkùnrin nìyí o, tobìnrin yàtọ̀. Irin gbígbé ṣì ń tàn án jẹ.