Bí a ṣe ń sọ àbùdá ọjà di àǹfààní oníbàárà ní gbólóhùn méjì

Ká ní ohun tó wà lára ọ̀rá gàrí Ìjẹ̀bú kan nìyí: "Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kan nínú àpò. A jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbẹ dáadáa. Kílò kan, a lẹ ẹnu ọ̀rá pa." Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ ẹni tó yan gàrí ló ń ròyìn. Ẹni tó fẹ́ sanwó kò tíì gbọ́ nǹkan kan tó kàn án.

Kọ́kọ́ mú oníbàárà kan ṣoṣo. Ká mú ìyá tó ń di ẹrù ọmọ rẹ̀ lọ sí bọ́dìn. Ẹni tó ń mu gàrí lọ́sàn-án ń wá kíkan; ẹlòmíì tó fẹ́ tẹ̀bà lè máa sá fún kíkan yẹn gan-an. Àbùdá kan náà ni, àǹfààní fún ẹnì kan, àbùkù lójú ẹnì kejì.

Wàyí o, mú àbùdá kọ̀ọ̀kan, kí o máa bi í pé: "Tó bá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́?" Ó gbẹ dáadáa. Tó bá gbẹ ńkọ́? Kò ní tètè bu. Tí kò bá tètè bu ńkọ́? Ọmọ á rí i mu títí di ọjọ́ ìbẹ̀wò. Dúró síbẹ̀. Bí o bá tún béèrè, "ọkàn ìyá á balẹ̀" ni wàá gbọ́, ẹni tó ń ta àgádágodo náà sì lè sọ bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn tó bá ti lè bá ọjà ẹlòmíì mu ti kọjá ààlà. Padà sẹ́yìn ìgbésẹ̀ kan.

Ẹnu ọ̀rá tí a lẹ̀ pa ńkọ́? Gàrí kò ní dà sáàárín aṣọ ilé-ìwé nínú àpótí. Mo yọ kíkan àti jíjọ̀ kúrò. Wọn kò burú, àmọ́ gbólóhùn méjì kò lè ru ju nǹkan méjì lọ, ìyá ló sì ń sanwó, kì í ṣe ọmọ tó ń mu ún.

Gbólóhùn kìíní, sọ ohun tí ìyá yóò rí. Ìkejì, fi àbùdá ṣe ẹ̀rí:

"Gàrí tí ọmọ yín á gbé lọ bọ́dìn láìdà sáṣọ, tí á sì rí mu títí di ọjọ́ ìbẹ̀wò bó bá ń di ẹnu rẹ̀. A yan án títí ó fi gbẹ, a sì lẹ ẹnu ọ̀rá kílò kọ̀ọ̀kan pa."

Má fo "bó bá ń di ẹnu rẹ̀" yẹn. Gàrí tí a ṣí sílẹ̀ lásìkò òjò á fa omi, ìyá tó bá sì rí i tó bu kò ní padà wá.

Parí rẹ̀ báyìí: kà á fún ìyá kan lẹ́ẹ̀kan péré, kí o ní kó sọ ohun tó gbọ́. Bó bá ní "gàrí tó dáa ni," tún un kọ. Bó bá ní "èyí tí kì í dà sáṣọ yẹn," tẹ̀ ẹ́ sára ọ̀rá.