Ìwọ̀n ara kì í ṣe ìwọ̀n aṣọ: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń ra aṣọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì

Èèyàn lè wọn ara rẹ̀ dáadáa kó sì tún ra aṣọ tí kò ní gba ìdí rẹ̀ kọjá. Ó mú teepu, ó kọ nọ́ńbà sílẹ̀, ó wo àtẹ sáìsì, ó yan èyí tó bá nọ́ńbà rẹ̀ mu, síbẹ̀ nígbà tí aṣọ dé, síìpù kọ̀, kò gòkè. Èyí ò fi dandan túmọ̀ sí pé ẹni tó tà á parọ́ fún un. Oríṣi ìwọ̀n méjì ni àwọn tó ń ta aṣọ máa ń kọ sílẹ̀, ó sì rọrùn láti ka ọ̀kan bí ẹni pé òun ni èkejì. Ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀, torí bí ẹ bá ṣì í kà, bó ti wù kí ẹ mọ teepu lò tó, aṣọ náà ò ní bá yín mu.

Ẹ má ṣe ka ìwọ̀n aṣọ sí ìwọ̀n ara

Ìwọ̀n ara ni ohun tí teepu sọ nígbà tó yí ara yín po. Ìwọ̀n aṣọ ni ohun tí aṣọ fúnra rẹ̀ jẹ́ nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Àyàfi tí aṣọ bá jẹ́ irú èyí tó ń fà, méjèèjì ò gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí a bá fa èémí sínú, àyà máa ń fẹ̀. Bí a bá jókòó, ìdí máa ń fẹ̀. Aṣọ tó bá ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ara láìní àlékún kankan á fún èèyàn lọ́rùn bó ṣe ń mí, ojú rírán rẹ̀ á sì máa ya lẹ́yìn bó ṣe ń jókòó. Nítorí náà, ẹni tó gé aṣọ ti fi àlékún sí i kó tó rán an. Ààyè ni a ó máa pe àlékún yẹn níbí.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó wà níwájú yín? Bí sáìsì kọ̀ọ̀kan bá ní nọ́ńbà méjì, bíi àyà 92 sí 96, ìwọ̀n ara ló sábà máa ń jẹ́, torí pé ara àwọn tó ń wọ sáìsì kan náà kì í dọ́gba. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ gígùn aṣọ, ìbú èjìká àti gígùn apá aṣọ sí i, tí nọ́ńbà ẹyọ kan ṣoṣo sì wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n aṣọ ló ṣeé ṣe kó jẹ́. Ibi tí kò ti sí iyèméjì rárá ni ibi tí ẹ ti rí àyà 49 tàbí 53 sẹ̀ǹtímítà fún àgbàlagbà. Àyà àgbàlagbà kì í kéré tó bẹ́ẹ̀. Aṣọ ni wọ́n tẹ́, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n wọ̀n, láti abẹ́ apá kan sí abẹ́ apá kejì. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì kẹ́ ẹ tó fi wé ohunkóhun. Bí kò bá yé yín síbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ń tà á kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ bi í pé: ṣé ìwọ̀n ara ni àbí ìwọ̀n aṣọ tí a tẹ́?

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Obìnrin kan ní àyà 96 sẹ̀ǹtímítà, ìbàdí 80, ìdí 106. Ó fẹ́ ra gáùn kọ́tìnnì kan tó lẹ̀ mọ́ ara títí dé orúnkún, tí síìpù wà lẹ́yìn rẹ̀. Aṣọ náà kì í fà rárá. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ L ni àyà 49, ìbàdí 42, ìdí 53. Sábẹ́ XL, àyà 52, ìbàdí 45, ìdí 56. Ó sọ ti L di ìlọ́po méjì, ó rí 98, 84 àti 106, ó sì dà bíi pé L ṣe é rẹ́gí. Àṣìṣe gan-an nìyẹn. Sẹ̀ǹtímítà 2 péré ni ààyè tó kù fún un ní àyà, kò sì sí ẹyọ kan ní ìdí. Gáùn yìí ò ní gba ìdí rẹ̀ kọjá láìsí ìjà, bó bá sì kọjá, kò ní ṣeé jókòó nínú rẹ̀.

Lára gáùn tó lẹ̀ mọ́ ara tí aṣọ rẹ̀ kì í fà, ẹ wá ààyè bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8 ní àyà, 2 sí 4 ní ìbàdí, àti 4 sí 6 ní ìdí. XL obìnrin yìí jẹ́ 104, 90 àti 112. Ààyè rẹ̀ á jẹ́ 8, 10 àti 6. Àyà dáa, ìdí dáa, ìbàdí nìkan ló pọ̀ jù. XL ni kó rà, kó sì gbé e lọ bá télọ̀ kó bá a dín ìbàdí rẹ̀ kù pẹ̀lú bíi sẹ̀ǹtímítà 6. Títú aṣọ sílẹ̀ kó lè fẹ̀ ló nira ju dídín in kù lọ, torí etí aṣọ tí wọ́n fi pamọ́ sínú ojú rírán aṣọ ilé iṣẹ́ kì í sábà ju bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Ìdí nìyẹn tí ibi tó tóbi jù lára yín, ní ìfiwéra pẹ̀lú aṣọ náà, fi gbọ́dọ̀ jẹ́ olórí ìpinnu.

Bí gáùn kan náà bá fẹ̀ sílẹ̀ láti ìbàdí, ẹ gbàgbé ìdí, ẹ wo àyà àti ìbàdí nìkan. Bí aṣọ rẹ̀ bá ń fà bíi ti síńgílẹ́ẹ̀tì, L á ṣe obìnrin yẹn dáadáa, torí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lè kéré ju ara lọ díẹ̀ kó sì tún wọ̀ ọ́. Ṣẹ́ẹ̀tì tí kì í lẹ̀ mọ́ ara ń fẹ́ ààyè bíi 10 sí 15 ní àyà. Èyí tó wà lábẹ́ kóòtù tún ń fẹ́ kí kóòtù fẹ̀ jù ú lọ.

Ẹ má ṣe fi ààyè tiyín kún nọ́ńbà

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ti ìka kan tàbí méjì bọ abẹ́ teepu kó má baà fún wọn, wọ́n á sì tún wá fi sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ kún un nígbà tí wọ́n bá ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bí àtẹ náà bá jẹ́ ìwọ̀n ara, ẹni tó gé aṣọ ti fi ààyè sí i, ẹ tún ti fi tiyín sí i, aṣọ á wá máa jábọ́ lójú èjìká. Teepu gbọ́dọ̀ kan ara láìtẹ ara mọ́lẹ̀. Ẹ mí jáde bí ẹ ṣe ń mí lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ kà á. Ẹ má fa ikùn wọlé. Ara tí ẹ máa gbé wọ aṣọ náà ni ẹ̀ ń wọ̀n.

Ohun tó wà lára yín nígbà náà tún ṣe pàtàkì. Ṣòkòtò jíìnsì nìkan lè fi sẹ̀ǹtímítà méjì tàbí mẹ́ta kún ìdí. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ ló yẹ kó wà lára, obìnrin sì gbọ́dọ̀ wọ kọ́mú tó máa wọ̀ sábẹ́ aṣọ tó ń rà, torí èyí tó nípọn ń gbé àyà síwájú, nọ́ńbà á sì lọ sókè.

Ẹ má ṣe wá ìbàdí níbi tí ṣòkòtò dúró sí

Ìbàdí tí àwọn tó ń gé gáùn àti ṣẹ́ẹ̀tì ń sọ ni ibi tó tín-ín-rín jù láàárín egungun ìhà àti egungun ìdí. Ẹ dúró, kẹ́ ẹ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan: ibi tí ara ti ṣẹ́po ni. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ṣòkòtò máa ń dúró sísàlẹ̀ ibẹ̀, níbi tí ara ti fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá wọn ibẹ̀ tó fi ra gáùn, aṣọ rẹ̀ á fẹ̀ jù. Ẹni tó bá wọn ibi tó tín-ín-rín tó fi ra ṣòkòtò tó ń dúró nísàlẹ̀, bọ́tìnì rẹ̀ ò ní pàdé.

Ìdí ní tirẹ̀, ẹ kó ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kẹ́ ẹ fi teepu yí ibi tó yọ síta jù po. Ó sábà máa ń jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 18 sí 23 sísàlẹ̀ ìbàdí. Àwọn tó ń wọ̀n ọ́n lórí eegun ìdí ní iwájú ń wọn ibi tó kéré. Àyà sì wà níbi tó yọ jù, apá ní ìsàlẹ̀, kí teepu má dagun lẹ́yìn. Ẹ̀yìn ni teepu ti máa ń yọ̀ wá sísàlẹ̀ láìjẹ́ pé èèyàn mọ̀, nítorí náà ẹ dúró síwájú dígí ní ẹ̀gbẹ́, tàbí kẹ́ ẹ bẹ ẹlòmíràn kó bá yín wo ẹ̀yìn. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá fi ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ yàtọ̀ síra, teepu ti ṣí kúrò, ẹ tún un wọ̀n.

Teepu fúnra rẹ̀

Teepu aṣọ tó ti pẹ́ máa ń nà, èyí tó bá sì ti nà á máa fi yín hàn bí ẹni tó kéré ju bó ṣe rí lọ. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà: bí 30 teepu àti 30 rúlà ò bá bára wọn mu, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ tún wo ojú tí ẹ̀ ń kà. Ínṣì kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.54, nítorí náà àyà 38 ínṣì jẹ́ 96.5 sẹ̀ǹtímítà. Ẹni tó bá gé ìdajì yẹn kúrò nítorí kó lè bọ́ sínú sáìsì kékeré, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ààyè rẹ̀ ṣòfò.

Ṣòkòtò: ẹ má ṣe fúnra yín wọn ẹsẹ̀ yín

Bí èèyàn bá tẹ̀ ba láti ka teepu lọ́rùn ẹsẹ̀, ipò ara ti yí padà, nọ́ńbà ò sì ní jẹ́ òótọ́. Ẹ mú ṣòkòtò kan tó ṣe yín rẹ́gí, tí aṣọ rẹ̀ jọ ti èyí tí ẹ fẹ́ rà, kẹ́ ẹ fọwọ́ tẹ́ ẹ sórí tábìlì láìfà á. Ẹ wọ̀n ọ́n láti ibi tí itan méjèèjì ti pàdé dé ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ de bọ́tìnì rẹ̀, kẹ́ ẹ wọn òkè rẹ̀ láti etí dé etí, kẹ́ ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ wá wọn iwájú rẹ̀, láti ibi tí itan ti pàdé náà dé òkè níbi tí bọ́tìnì wà. Ìwọ̀n kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò, òun ló sì ń sọ bóyá ṣòkòtò á dúró ní ìbàdí tàbí sísàlẹ̀ rẹ̀.

Bí ṣòkòtò náà bá jẹ́ kọ́tìnnì tí wọn ò tíì fọ̀, ó lè fi bíi 3 nínú 100 sọ́kì lẹ́yìn fífọ̀ àkọ́kọ́. Gígùn inú ẹsẹ̀ tó jẹ́ 76 á di bíi 74 nìyẹn. Ẹ ra èyí tó gùn ju ti inú ilé yín lọ pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́, kó tó di pé ẹ fún télọ̀ kó ṣẹ́ etí rẹ̀.