Bí mo ṣe kọ ìlànà ìwọṣọ fún iléeṣẹ́ búrẹ́dì kan ní Adó-Èkìtì

Gbólóhùn kan péré ni ìlànà tí mo bá nílẹ̀: "A kò fẹ́ hijaabu, dàda, ìlẹ̀kẹ̀, yẹtí àti aṣọ gígùn nínú iléeṣẹ́ yìí." Ohun tó ń ba ọ̀gá lẹ́rù ni irun tó lè bọ́ sínú búrẹ́dì àti aṣọ tí ẹ̀rọ lè fà wọlé. Ṣùgbọ́n gbólóhùn náà kò dárúkọ irun, kò sì dárúkọ ẹ̀rọ. Obìnrin Mùsùlùmí, onídàda àti ọmọ awo ló ń bá wí. Ó tún de akọ̀wé owó, ẹni tí kì í sún mọ́ fúláwà láti àárọ̀ dalẹ́.

Ewu ni mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, yàrá kan lẹ́yìn òmíràn, kí n tó dárúkọ aṣọ kankan. Nídìí ẹ̀rọ tó ń po fúláwà àti ẹ̀rọ onírólà méjì, ohunkóhun tó bá ń mì lára èèyàn ni ewu. Nídìí ààrò, iná ni. Níbi tí wọ́n ti ń gé búrẹ́dì sínú ọ̀rá, irun àti ohun tó lè já bọ́ ni. Ní ọ́fíìsì, kò sí èyíkéyìí nínú wọn, nítorí náà aṣọ tó mọ́ nìkan ni ìlànà béèrè níbẹ̀.

Ohun tí mo wá kọ nípa orí nìyí: "Ẹnikẹ́ni tó bá wọ yàrá ìpo-fúláwà, ìdí ààrò tàbí ibi ìdì-búrẹ́dì gbọ́dọ̀ bo gbogbo irun orí àti irùngbọ̀n rẹ̀. Ó lè fi ìborí ẹ̀sìn tàbí ti àṣà bò ó, bí ìborí náà bá jẹ́ òwú, tó mọ́, tí kò ní pínnì, tí a sì ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ épírọ́ọ̀nù."

Kò sí ọ̀rọ̀ tí mo kàn fi ṣe ẹ̀ṣọ́ níbẹ̀. Pínnì tó bá bọ́ sínú fúláwà, ó di ìgbà tí ẹnìkan bá gé búrẹ́dì jẹ kí wọ́n tó rí i. Hijaabu tó dé àyà máa ń ṣáájú ọwọ́ dé ẹnu rólà bí olúwarẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ní kí wọ́n ki í bọ abẹ́ épírọ́ọ̀nù. Aṣọ ọ̀rá-ọ̀rá máa ń yọ́ mọ́ èèyàn lára bí iná bá kàn án, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ òwú. Gbólóhùn kan náà ló gba obìnrin oníhijaabu, aláṣọ funfun tó ń bo orí, àti opó tó fi gèlè dúdú ṣọ̀fọ̀. Fún onídàda, nẹ́ẹ̀tì kékeré máa ń sún sókè, irun á sì yọ nísàlẹ̀, nítorí náà mo kọ ọ́ pé iléeṣẹ́ ni yóò ra nẹ́ẹ̀tì ńlá àti ìbo-irùngbọ̀n.

Ìdè Ifá ló le jù. Fúláwà máa ń há sí àárín ìlẹ̀kẹ̀, omi lè mú kí okùn rẹ̀ já, bẹ́ẹ̀ a kò lè ní kí wọ́n fi ìbọ̀wọ́ bò ó, nítorí ìbọ̀wọ́ nídìí rólà jẹ́ ewu fúnra rẹ̀. Mo kọ ọ́ báyìí: "Ẹni tó ń fọwọ́ kan fúláwà tàbí tó wà nídìí ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ ní ohunkóhun láti ìgúnpá dé ìka. Ohun ẹ̀sìn lè wà lọ́rùn lábẹ́ aṣọ. Ẹni tí kò bá lè bọ́ tirẹ̀ yóò ṣiṣẹ́ ní yàrá mìíràn, owó oṣù rẹ̀ kò sì ní dín." Òfin yìí kan òrùka ìgbéyàwó náà. Bí a bá fàyè gba òrùka tí a sì ní kí ọmọ awo bọ́ ìdè, ẹ̀sìn ni a ń ṣà, kì í ṣe ewu.

Abala 38 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè ọdún 1999 fún oníkálukú lómìnira ẹ̀sìn. Abala 45 gbà kí òfin dín in kù nítorí ìlera àti ààbò aráàlú. Nítorí náà, mo kọ ìdí ìkàléèwọ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀ ní ìlà kan. Èyí tí n kò rí ìdí fún, mo yọ ọ́ kúrò.

Ẹni tó bá fẹ́ àyípadà yóò sọ fún alábòójútó, yóò sì gba èsì lórí ìwé láàárín ọjọ́ méje. A kò ní béèrè lẹ́tà lọ́wọ́ pásítọ̀, ààfáà tàbí babaláwo.

Níkẹyìn, mo ka ìlànà náà fún àwọn òṣìṣẹ́ yàrá kọ̀ọ̀kan, mo sì bi wọ́n pé: kí lẹ máa wọ̀ wá lọ́la? Ibi tí ìdáhùn bá ti yàtọ̀, mo tún un kọ. "Aṣọ tó bójú mu" ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù, nítorí àwọn kan kà á sí pé obìnrin kò gbọdọ̀ wọ ṣòkòtò, àwọn mìíràn sì kà á sí pé síkẹ́ẹ̀tì gígùn kò yẹ níbi iṣẹ́. Mo pa á rẹ́, mo kọ pé: "Síkẹ́ẹ̀tì tàbí ṣòkòtò, èyí tó bá wu olúwarẹ̀; kó kọjá orúnkún, kó má kan ilẹ̀, kó má sì ní okùn tó ń mì."