dE kéré, síbẹ̀ ojú rí ìyàtọ̀: kíka ìwé àbájáde L*a*b*

Ìbéèrè: Mo fi sipẹkitirofotómítà, ẹ̀rọ tó ń wọn àwọ̀, wọn aṣọ aláwọ̀ eérú kan. dE, ìyẹn ìyàtọ̀ àwọ̀ rẹ̀ sí ti àwòṣe, jẹ́ 1.37, àdéhùn wa ni pé kò gbọ́dọ̀ ju 1.50 lọ, ẹ̀rọ sì kọ Pass. Ṣùgbọ́n ojú mi ń rí i pé aṣọ náà pọ́n. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

```
        L*      a*     b*
Std   62.40  -0.30   0.80
Smp   62.10   1.00   0.50
Diff  -0.30  +1.30  -0.30
dE*ab  1.37
```

Ìdáhùn: Ẹ gba ojú yín gbọ́. dE kàn ń sọ bí àwọ̀ kejì ṣe jìnnà sí ti àkọ́kọ́ tó ni, kò sọ apá ibi tó yà sí. Ìlà Diff, ìyẹn aṣọ yín (Smp) tí a yọ àwòṣe (Std) kúrò nínú rẹ̀, ló ń sọ ìyẹn.

L* ni bí àwọ̀ ṣe mọ́lẹ̀ tó, láti 0 tó jẹ́ dúdú dé 100 tó jẹ́ funfun. Bí a* bá ń pọ̀ sí i, àwọ̀ ń lọ sí pupa. Bó bá ń dín kù, ó ń lọ sí àwọ̀ ewé. b* ní tirẹ̀ ń lọ láàárín àwọ̀ ìyeyè lókè àti búlúù nísàlẹ̀. Nínú iṣẹ́ yín, L* àti b* fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan. a* nìkan ló fi 1.30 lọ sí pupa, òun ló sì kó ìyàtọ̀ náà jọ.

Lára eérú, ojú tètè ń mọ irú èyí, torí kò sí àwọ̀ mìíràn tó lè bò ó. Ká ní aṣọ pupa tó ta gan-an ni, 1.30 yẹn lè má hàn rárá, síbẹ̀ dE*ab kan náà ni ẹ̀rọ yóò kọ. Ẹ yí ẹ̀rọ sí dE00, ìṣirò tó túbọ̀ bá bí ojú ṣe ń ríran mu: nọ́ńbà yín yóò di bí 1.96. Àwọ̀ yín kò yege mọ́ nìyẹn.

Kí ẹ tó dín aró pupa kù, ẹ wo ìlà iná A, ìyẹn iná gílóòbù àtijọ́ tó ń gbóná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ D65, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Bí Diff a* bá fò lọ sí 3 lábẹ́ A, aró tí ẹ lò kò bá ti àwòṣe mu. Dídín pupa kù lè tún un ṣe lábẹ́ D65, kó má tún un ṣe lábẹ́ gílóòbù. Aró ni kí ẹ pààrọ̀.

Ìbéèrè: Aṣọ mìíràn kan ni mo wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta, L* sì ń yí: 58.2, 59.6, 57.9. Ṣé ẹ̀rọ ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kí aṣọ náà fúyẹ́, kí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ máa hàn wọlé. Ẹ ṣẹ́ ẹ po sí mẹ́rin. Bí L* bá ṣì ń yí, ẹ fi ìṣẹ́po kún un títí tí yóò fi dúró. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹrin, kí ẹ máa yí aṣọ sí ẹ̀gbẹ́ ní ìdá mẹ́rin òbìrípo lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan, torí ìlà òwú ń ta ìmọ́lẹ̀ padà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì lo ìpíndọ́gba wọn. Aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ áyọ́ọ̀nù ẹ má wọ̀n ọ́n, ẹ jẹ́ kó tutù ná.